Eégbọn Tó Yó

Màlúù àkọ́kọ́ ti kú, ìtọ̀ màlúù kejì náà sì ti pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Ó ti rẹ ìyá onímàlúù débi pé ẹkún gan-an kò wá mọ́.

"Ojoojúmọ́ ni mo ń já eégbọn ara wọn, dókítà."

Dókítà ẹran fún màlúù náà lábẹ́rẹ́. "Níbo lẹ ń jù wọ́n sí?"

"Ilẹ̀ ibí náà ni."

"Màmá, eégbọn tó bá ti mẹ̀jẹ̀ yó, ẹyin ló kù tó fẹ́ yé. Àrùn inú rẹ̀ á bá ẹyin lọ. Àwọn ọmọ á sì kó o wọ ara ẹran tí wọ́n bá gùn."

Ìyá wo ilẹ̀ títí. "Àṣé mo ń gbìn wọ́n ni."

Ó tú màlúù kẹta tó kù, ó fà á fún dókítà. "Fi oògùn eégbọn wẹ̀ ẹ́, ọmọ mi. Ilé ìdáná mi ni yóò máa sùn."