Omi Ìparí Páìpù

Iṣẹ́ mi kò ní ariwo. Mo máa ń ti ojúlé kan bọ́ sí òmíràn, n óò ṣí ẹ̀rọ omi, n óò wò ó bóyá kiloríìnì tí wọ́n ń dà sómi ṣì kù nínú rẹ̀, torí omi tó bá ní in máa ń pupa bí mo bá já oògùn sí i, n óò sì bá tèmi lọ. Bí mo bá délé, kò sí ẹni tí yóò béèrè bí iṣẹ́ ṣe rí. Ó ti mọ́ mi lára láti máa dá sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà, kí n sì máa dá ara mi lóhùn.

Ilé ìyá àgbà kan tí mo ń pè ní Màmá ló kẹ́yìn lórí páìpù ọ̀nà kan. Àgádágodo ti wà lẹ́nu géètì gbogbo ilé tó ṣáájú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti yẹ omi ibẹ̀ wò, ẹ̀ẹ̀mejì ni kò pupa rárá, bẹ́ẹ̀ omi ìkóríta tí páìpù náà ti yà ń pupa dáadáa. Ọ̀gá mi ní bí ẹ̀ẹ̀kẹta bá tún rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n ti páìpù náà pa, torí omi tí kiloríìnì ti tán nínú rẹ̀ kò ní ohun tí yóò fi bá kòkòrò àìsàn jà. Màmá kò ní rí omi ẹ̀rọ lò mọ́ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára, inú sì ń bí mi pé ó ká mi lára.

Ọ̀sán ni mo máa ń lọ. Nígbà kẹta yìí, òwúrọ̀ ni mo lọ. Màmá ń gbálẹ̀.

"Oníṣègùn omi! O tètè dé lónìí," ó ní, ó sì sáré lọ síbi ẹ̀rọ, ó fẹ́ fi etí ìró rẹ̀ nù ún.

Mo ti rí i. Aláǹtakùn ti ta okùn sẹ́nu ẹ̀rọ náà. Lábẹ́ òrùlé, àgbá omi òjò wà níbẹ̀, ife sì wà lórí ìdérí rẹ̀.

"Màmá, ẹ ní ojoojúmọ́ lẹ ń lo omi yìí."

Ó ju etí ìró rẹ̀ sílẹ̀.

"Omi tó bá dúró sójú kan pẹ́ nínú páìpù, kiloríìnì rẹ̀ á tán ni. Ẹ̀yin nìkan lẹ kù lórí páìpù yìí. Bí ẹ ò bá fà á, ta ni yóò fà á? Bí kò bá sì pupa lónìí, wọn á tì í pa!"

Ó jókòó sórí àpótí. "Èmi ò mọ̀ pé wọ́n á tì í. Ìgbà tó kọ́kọ́ kọ̀ tí kò pupa, o ní wàá padà wá lọ́sẹ̀ kejì. Ilé tó bá pupa, o ní ó di oṣù mẹ́ta. Ọmọ mi, oṣù mẹ́ta pọ̀. Ni mi ò ṣe fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà mọ́."

Mo ṣí ẹ̀rọ.

Tẹ́lẹ̀, ìwọ̀nba tí wọ́n kọ́ wa ni mo ń jẹ́ kó ṣàn, àmọ́ páìpù tó gùn tó yìí, tí ilé púpọ̀ ti kúrò lórí rẹ̀, ìyẹn kò tó fún un. Mo jẹ́ kó máa ṣàn lọ sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ́wọ́ mi, títí ó fi yí padà tó tutù. Omi tuntun ti dé. Mo fi ṣan ìgò kékeré méjèèjì, mo bu omi sí wọn dé ojú ìlà. Mo já hóró oògùn kan sínú ọ̀kan láìfọwọ́ kàn án, mo tẹ̀ ẹ́ fọ́, mo dé e, mo mì ín. Mo fi méjèèjì sínú àpótí aláwọ̀ tí a fi ń wé àwọ̀ omi, mo sì gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀ lójú ẹsẹ̀, torí bó bá pẹ́, àwọ̀ náà á máa ṣèké.

Ó pupa fẹ́ẹ́rẹ́, bí àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ ìkókó. Ó bá àmì 0.4 mu. Ohun tó bá ti lọ sílẹ̀ ju 0.2 là ń bẹ̀rù.

"Ó ti pupa," Màmá ní. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Ṣé o ò lè sọ fún wọn pé kò pupa ni?"

"Wọ́n á tì í, Màmá. Àwọ̀ tí mo bá rí ni n óò sọ. N óò sọ bó ṣe pẹ́ tó kó tó pupa pẹ̀lú. Ẹ máa fà á láràárọ̀. Ẹ jẹ́ kó tutù kẹ́ ẹ tó bu èyí tẹ́ ẹ máa mu. Èyí tó bá kọ́kọ́ jáde, ẹ fi fọ ilẹ̀."

Ó mi orí. Ó ń wo géètì bí ẹni pé mo ti jáde.

Mo palẹ̀ ẹrù mi mọ́. Ilé mìíràn ń dúró dè mí, èyí tí mo sì ń sùn sí, kò sẹ́ni tó ń dúró dè mí níbẹ̀. Mo dé ẹnu géètì, mo padà.

"Màmá, òùngbẹ ń gbẹ mí. Ẹ fún mi lómi mu."

Ó wò mí, ó dìde, ó wọlé. Ó kọjá lára àgbá òjò, kò wò ó. Ó gbé ife méjì jáde, ó sì ṣí ẹ̀rọ.