Èèpo Ọta Inú Ìbọn Kẹtàlá

Ó ti rẹ̀ mí kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó mọ́. Àárẹ̀ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kì í ṣe ohun tí oorun ọjọ́ kan ń gbé lọ. Iṣẹ́ mi ni kí n máa tọ́jú ìbọn àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó: kí n kó o fún wọn tí wọ́n bá ń jáde, kí n gbà á padà tí wọ́n bá dé, kí n nù ún, kí n fi òróró sí i, kí n gbé e kọ́ sára ògiri. Bàbá Ìbọn ni wọ́n ń pè mí, títí kan àwọn ọ̀gá tí wọ́n dàgbà jù mí lọ. Ó ku oṣù méjì kí n fẹ̀yìn tì. Ìyàwó mi ti ra àga kan sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní ibẹ̀ ni n ó máa jókòó kí n máa wo àwọn tí wọ́n ṣì ń ṣe wàhálà.

Àárọ̀ ọjọ́ náà, mi ò lè gbé oúnjẹ mì. Ìyàwó mi wo abọ́, ó wo ojú mi, ó béèrè ohun tó ń jẹ mí. Mo sọ ọ́ fún un. Mo ti gbé e sínú fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, ó sì ti wúwo jù.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ẹ̀ṣọ́ kan wà tí à ń pè ní Jẹ́jẹ́, nítorí pé tó bá ń rìn, ewé gbígbẹ pàápàá kì í gbọ́. Ọjọ́ méjì gbáko ló fi wà nínú igbó kó tó ká agégi kan mọ́ ìdí igi tí òfin ní kí ẹnikẹ́ni má gé. Ó yìnbọn sókè lẹ́ẹ̀kan, agégi náà ju ayùn sílẹ̀, ó gbé ọwọ́ sókè. Ibi tí ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ti yà nìyẹn. Agégi ní lẹ́yìn tí òun ti gbé ọwọ́ sókè, Jẹ́jẹ́ fa irin ìbọn, ó ti ọta mìíràn sínú rẹ̀, ó sì nà án sí òun láyà. Jẹ́jẹ́ ní òun ò fa nǹkan kan. Níbi iṣẹ́ wa, ẹni tó bá ti ọta sínú ìbọn tó sì nà án sí ẹni tó ti túúbá, wọ́n á lé e lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n á sì fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Jẹ́jẹ́ ní ìbejì nílé, wọn ò tíì pé ọdún kan.

Ìwé tí mo fi ń ṣàkọsílẹ̀ ìbọn ló fẹ́ dá a lẹ́bi. Lójú ìlà ìbọn kẹtàlá, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé: ọta mẹ́rin nínú àpótí ọta, mo ṣí ìbọn wò, inú rẹ̀ ṣófo. Ọta mẹ́rin jẹ́ òótọ́. Márùn-ún ni mo fún un, ó yìn ọ̀kan. Irọ́ ni ìyókù. Mi ò ṣí ìbọn náà. Ìbọn mẹ́rìnlélógún ni mo gbà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹ̀yìn ń dùn mí, ojú mi ti ṣú. Mo gba àpótí ọta lọ́wọ́ rẹ̀, mo kà á, mo gbé ìbọn kọ́, mo kọ ohun tí mo máa ń kọ. Ilẹ̀ mọ́, ọ̀gá wá fi téèpù di ìbọn náà káàkiri, ó fọwọ́ sí orí téèpù, nítorí agégi ti mú ẹjọ́ wá. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó lè ṣí i.

Ìyàwó mi gbọ́ ọ dé òpin. Ó béèrè ohun tí wọ́n á ṣe fún mi tí mo bá sọ òótọ́. Mo ní wọ́n lè lé mi láìsí ọpẹ́ kankan, pẹ̀lú oṣù méjì tó kù. Ó palẹ̀ abọ́ mọ́. Ó ní, "Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́." Ó lọ fọ abọ́ rẹ̀.

Yàrá ìpàdé tí wọ́n ti fẹ́ gbọ́ ẹjọ́ Jẹ́jẹ́ lọ́jọ́ náà gbóná, fáànù kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ó sì ń yí bí ẹni tí wọ́n fi ipá rán níṣẹ́. Ènìyàn mẹ́ta ni ìgbìmọ̀ náà. Alága wọn jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, obìnrin kúkúrú tó fi okùn so awò ojú rẹ̀ kọ́ ọrùn. Kò fọwọ́ kan ìbọn rí láyé rẹ̀, ó sì sọ bẹ́ẹ̀ fún wa láìtijú. Ó ní òun ò ní dá ẹjọ́ ohun tí òun ò mọ̀, kí Bàbá Ìbọn kọ́kọ́ kọ́ òun bí ọmọ kíláàsì kìíní. Wọ́n gbé ìbọn kẹtàlá pẹ̀lú téèpù rẹ̀ sórí tábìlì. Èmi mú ìbọn mìíràn dání, ẹgbẹ́ rẹ̀ gan-an, pẹ̀lú ọta ìkọ́ni márùn-ún tí kò ní ẹ̀tù nínú. Jẹ́jẹ́ jókòó lẹ́bàá ògiri, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún.

Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí ọta. Mo fi ọ̀kan lé e lọ́wọ́. Mo ní ohun tí à ń pè ní ọta yìí, nǹkan mẹ́rin ló para pọ̀. Orí rẹ̀ tó ṣóńṣó ni òjé tó ń fò lọ. Èèpo idẹ yìí ló di òjé náà mú. Inú èèpo ni ẹ̀tù wà. Ní ìdí rẹ̀ gan-an, ní àárín, ohun róbótó kékeré kan wà tó máa ń ṣáná tí wọ́n bá gún un, òun ló ń fi iná sí ẹ̀tù. Alága yí i wò, ó ní ṣé bí orí ìṣáná ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Mo wá fi ìbọn hàn án. Mo ní irin tó ń lọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn yìí là ń pè ní bóòtù, ó ní ọwọ́ lára bí irin tí wọ́n fi ń ti ilẹ̀kùn. Mo ti àpótí ọta bọ abẹ́ ìbọn. Mo ní sípíríńgì kan wà nísàlẹ̀ àpótí náà tó ń ti àwọn ọta sókè, ìyẹn ni pé ọ̀kan á máa dúró lókè nígbà gbogbo. Mo gbé ọwọ́ bóòtù sókè, mo fà á sẹ́yìn. Mo ní kó wo ọta tó yọ orí. Mo ti bóòtù síwájú díẹ̀díẹ̀ kó lè rí i bí ó ṣe gbá ọta náà lẹ́yìn, tó tì í kúrò nínú àpótí, tó sì tì í wọ ibùsùn rẹ̀ ní ìdí ọ̀pá ìbọn. Mo tẹ ọwọ́ bóòtù wálẹ̀. Mo ní etí irin méjì lórí bóòtù ti yí wọ inú ihò wọn báyìí, ilẹ̀kùn ti tì, ẹ̀tù ò lè fọ́n padà sí ẹni tó ń yìn ín lójú.

Ó béèrè ohun tó ń gún ìdí ọta. Mo sọ fún un pé abẹ́rẹ́ irin kan wà nínú bóòtù, sípíríńgì tó le wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìgbà tí mo gbé ọwọ́ bóòtù sókè ni sípíríńgì náà ti ká. Tí ìka bá fa irin ìsàlẹ̀ yìí, abẹ́rẹ́ á já, á gún ìdí ọta, ẹ̀tù á gbiná, èéfín rẹ̀ á ti òjé gba ẹnu ìbọn jáde. Mo yí ẹnu ìbọn sí ògiri tí kò sẹ́nì kankan níwájú rẹ̀, mo fà á. Ó dún kọ́. Alága fò díẹ̀, ó sì fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín.

"Èèpo rẹ̀ ńkọ́?" ó béèrè. "Ṣé òun náà fò lọ?"

Mo ní rárá, òjé nìkan ló ń lọ, èèpo ṣì wà níbi tí wọ́n tẹ́ ẹ sí. Mo gbé ọwọ́ bóòtù, mo fà á sẹ́yìn kíákíá. Mo ní ìkọ́ kan wà lórí bóòtù tó gbá etí ìdí èèpo mú, òun ló wọ́ ọ jáde. Tó bá dé ẹ̀yìn, irin kékeré kan á gbá a ní ẹ̀gbẹ́ kejì, á sì ta dànù. Ọta ìkọ́ni náà ti ta, ó ti yí lọ sábẹ́ àga akọ̀wé. Mo ní tí mo bá tún ti bóòtù síwájú, á gbé ọta kejì wọlé, ohun tí agégi sì fi sun ẹ̀ṣọ́ yìí nìyẹn.

Alága fi bírò lu tábìlì. Ó ń ronú. Ó yí ojú ìwé mi, ó fi ìka tọ ìlà náà.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ọ dáadáa. Tí ẹnikẹ́ni ò bá fa bóòtù yẹn, èèpo ò lè jáde fúnra rẹ̀?"

"Kò lè jáde, mà. Títí ayé."

"Ìwé yín sọ pé inú ìbọn ṣófo nígbà tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ó fa bóòtù nínú igbó nìyẹn. Èèpo ta dànù, ọta kejì wọlé. Ó nà án sí ọmọ ọlọ́mọ, ó sì dá ọta padà sínú àpótí kó tó délé. Mẹ́rin náà ló máa kù. Àbí báwo?"

Ẹni tí kò mọ ìbọn ní aago mẹ́wàá, ó ti ro ó já ní aago mọ́kànlá. Kò ṣì í rárá. Ìwé mi ló ṣì í lọ́nà. Mo wo Jẹ́jẹ́, ó ń wo ilẹ̀. Mo lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kí n kó ọta mi, kí n lọ jókòó sórí àga mi. Ojú tì mí pé mo tilẹ̀ rò ó.

"Ìwé yẹn parọ́, mà," mo ní. "Èmi ni mo parọ́. Mi ò ṣí ìbọn náà wò. Ó rẹ̀ mí, mo kàn kọ ọ́ ni."

Akọ̀wé dáwọ́ ìkọ̀wé dúró. Ọ̀gá wa tó wà lẹ́nu ọ̀nà pè mí ní Bàbá Ìbọn lẹ́ẹ̀kan, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Alága ní kí wọ́n yẹ téèpù wò bóyá ẹnikẹ́ni ti fọwọ́ kàn án, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní ó wà bó ṣe wà. Ó ní kí wọ́n gé e. Ó ní kí n ṣí ìbọn náà lójú gbogbo ènìyàn.

Mi ò tíì mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Tó bá ṣófo lóòótọ́, mo ti ba ayé ara mi jẹ́ lásán, Jẹ́jẹ́ ò sì ní bọ́. Mo yí ẹnu ìbọn sí ògiri. Mo gbé ọwọ́ bóòtù sókè, ó le díẹ̀, mo fà á sẹ́yìn.

Èèpo idẹ kan ta jáde, ó bà lé orí tábìlì, ó yí títí ó fi kan ìwé alága. Ẹnu rẹ̀ dúdú. Òjé rẹ̀ ti fò lọ. Ojú abẹ́rẹ́ wà ní ìdí rẹ̀.

Alága gbé e sókè. Ó ní èèpo yìí ò kúrò níbẹ̀ láti inú igbó, kò sẹ́ni tó fa bóòtù; ìbọn tí wọ́n nà sí agégi láyà, tí wọ́n bá tilẹ̀ nà án, kò lè ṣe ju igi lásán lọ. Ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ ní ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ yàrá ìbọn wà ní òru tó ṣáájú téèpù, ta ló mọ̀ bóyá èmi ni mo fi èèpo náà síbẹ̀. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹni tó bá fẹ́ purọ́, irọ́ tó máa gba òun fúnra rẹ̀ là ló ń pa."

Wọ́n dá Jẹ́jẹ́ láre kí ọ̀sán tó pọ́n. Ní tèmi, wọ́n ní kí n kó kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, wọ́n á kọ̀wé sí mi. Mo kó o sílẹ̀. Gbogbo ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ò ju kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta lórí tábìlì lọ.

Jẹ́jẹ́ bá mi ní ẹnu géètì. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku, mo ní kó dìde, aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ni. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní kó dárí jì mí fún ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn. Mo wá béèrè ohun tí mi ò rí ìdáhùn sí: òun náà dúró níwájú mi ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, ó rí i pé mi ò ṣí ìbọn, kí ló dé tí kò sọ fún ìgbìmọ̀?

Ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀. Kò wo ojú mi.

"Mo rí i, Bàbá. Ó ti rẹ̀ yín jù lọ́jọ́ yẹn. Mo wá rò ó pé ó ku oṣù méjì fún yín."