Ìdajì Tó Jẹ́ Ti Ògbufọ̀

Tísà Kwofie ló da omi tútù sí wa lọ́kàn, ẹ̀rín ló sì fi dà á. Abẹ́ àtíbàbà létíkun la wà, èmi àti àǹtí mi, Ekua Botwe, olórí àwọn obìnrin tó ń yan ẹja nílùú wa. Àwọn àlejò tó fẹ́ kọ́ èbúté tuntun ti jókòó níwájú, ọba ń kí wọn káàbọ̀. Ó ku ẹnì kan ṣoṣo kó tó kàn wá.

"Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí wọ́n fún yín yẹn, tèmi wà nínú ẹ̀ o," ni Kwofie wí. Òun ni ògbufọ̀ ọjọ́ náà. "Ẹ̀yin á sọ ọ́ ní èdè Fante wa, èmi á tún un sọ lédè òyìnbó. Ìdajì péré ni tiyín."

Ara mi ò lélẹ̀ mọ́. Èmi ni mo bá wọn kọ ọ̀rọ̀ náà, mo sì ti fi fóònù díwọ̀n rẹ̀ nílé: ìṣẹ́jú mẹ́wàá géérégé. Alága tó wà níbẹ̀ kì í ṣàánú ẹnikẹ́ni. Tó bá ti lu agogo, ó parí nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ wọ́n fẹ́ kó ààrò wa kúrò létí omi lọ sórí òkè lẹ́yìn ìlú, oúnjẹ wa ló sì ń lọ yẹn.

"Màá yára kà á," ni àǹtí mi wí.

"Tí ẹ bá ń sáré, Tísà ò ní lè bá yín," ni mo wí. "Ohun tó bá ṣèèṣì gbọ́ ló máa sọ."

Mo fa bírò yọ. Kíkí àwọn ìjòyè lọ́kọ̀ọ̀kan, mo fagi lé e; ọba ti kí wọn tán. Iye ẹja tí à ń yan lọ́dún, mo fagi lé e. Ó wà nínú ìwé tí a fi ránṣẹ́ sí wọn. Ìdí mẹ́ta tí kò fi yẹ kí wọ́n kó wa ni mo kọ síbẹ̀, àṣé ọ̀kan náà ni mo ń pè ní orúkọ mẹ́ta; mo fi ẹyọ kan sílẹ̀.

"Àǹtí, tí wọ́n bá gbàgbé gbogbo ẹ̀ pátá, kí lẹ fẹ́ kó kù sí wọn létí?"

"Kí wọ́n fi ààrò wa sínú odi èbúté."

Mo fi ìyẹn parí rẹ̀. Ìtàn méjì ló wá kù: ti Kobina ọkọ rẹ̀ tí òkun gbé lọ, àti ti ẹja sáwá. Mo fa igi gba àárín Kobina. Àǹtí mi gbá ọwọ́ mi mú.

"Araba, o pa ọkọ mi rẹ́? Ìyẹn ló máa pa wọ́n lẹ́kún."

"Wọ́n á sunkún tán, wọ́n á lọ jẹun. Ikú Kobina ò kan ààrò. Sáwá ló kàn án."

"Èyí tó máa bà mí lórúkọ jẹ́ ló wù ẹ́."

Òótọ́ ni. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n kọ́kọ́ kó wa lọ sórí òkè náà fúngbà díẹ̀ láti fi dán an wò. Àǹtí mi ru abọ́ sáwá kan láti etíkun gòkè nínú oòrùn, ẹja ti rọ̀ kó tó dé ìdí iná. Ó yan án, ó tà á, inú sì run àwọn ọmọ iléèwé tó jẹ ẹ́.

"Yọ 'mo sì tà á' yẹn kúrò," ló wí.

"Tí mo bá yọ ọ́, ìrìn yín nìkan ló kù. Ta ni ìrìn yín kàn?"

Ó pòṣé. Mo gé gbólóhùn kọ̀ọ̀kan kúrú, kí Kwofie lè gbé e láìjábọ́. A kà á wúyẹ́wúyẹ́, a ń fi àyè sílẹ̀ fún ògbufọ̀, ó sì bọ́ sínú ìṣẹ́jú mẹ́wàá náà. Àǹtí mi ká ìwé náà, kò sọ bóyá òun máa kà á bó ṣe wà.

Wọ́n pè é. "Ẹ̀yin baba wa, ẹ kú ìjókòó," kò kí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó bọ́ sínú ìtàn.

"Mo ru sáwá." Kwofie túmọ̀ rẹ̀. "Oòrùn mú." Ó túmọ̀ rẹ̀. "Ó rọ̀ kí n tó dé ìdí ààrò. Mo yan án." Ó túmọ̀ rẹ̀.

Àǹtí mi gbé ojú kúrò lórí ìwé. "Mo sì tà á."

Kwofie wúkọ́. Ó mi orí sí i pé kó máa lọ.

"Tísà, ẹ ò tíì sọ ọ́," ni àǹtí mi wí.

"Maame, ìtìjú ìlú ni," ló sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ gbé e sókè, gbogbo wa gbọ́. Alága ti di agogo mú.

"Tèmi ni, kì í ṣe ti ìlú. Ẹ sọ ọ́."

Kwofie sọ ọ́. Ẹnjiníà kan láàrin àwọn àlejò, tó ń tẹ fóònù látàárọ̀, gbójú sókè. "Ta ló jẹ ẹ́?" ló bèèrè.

Ohun tó kàn nínú ìwé nìyẹn. "Àwọn ọmọ wa," ni àǹtí mi wí. "Ẹ fi ààrò wa sínú odi." Ẹnu Kwofie ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kúrò lórí ẹ̀ ni agogo dún.

Ẹnjiníà náà tẹ́ àwòrán èbúté sórí tábìlì, ó ní kí obìnrin yẹn wá fọwọ́ tọ́ka sí ibi tó yẹ kí ààrò wà. Àǹtí mi kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ mi.

"Lọ́la, gbogbo àwọn oníbàárà mi ní Cape Coast ló máa gbọ́ pé mo ta ẹja bíbàjẹ́," ló wí. "Ta ló máa wá rajà lọ́wọ́ mi?"

Ó nu ọwọ́ sára aṣọ rẹ̀, ó lọ bá wọn nídìí tábìlì.