Ẹ̀dá Tó Ń Fi Awọ Ara Rẹ̀ Jẹun

Yàrá ìwádìí ilé-ìwé ni mo ń gbálẹ̀ nígbà tí ọmọ ọmọ mi tó ń kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ ní kí n wá fi awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá wo omi kòtò. Mo fọwọ́ di imú nítorí òórùn omi náà, mo sì wò ó. Mo rí ẹ̀dá kan bí ikun imú, kò lẹ́nu. Awọ ara rẹ̀ ló fi wé oúnjẹ, tó sì gbé e wọnú bí ẹrù inú àpò.

"Tí oúnjẹ náà bá dà tán, Màmá, á ti ìdọ̀tí rẹ̀ síta."

"Ara tó fi jẹun náà ló fi ń ṣu? Ẹ gbà mí o!"

Ọ̀sán ni olùkọ́ fẹ́ gba àwòrán ẹ̀dá náà lọ́wọ́ ọmọ ọmọ mi. Bí àwòrán náà kò bá péye, ọmọ náà á tún kíláàsì náà ṣe. Mo wo àwòrán náà: ó ya ìdọ̀tí tòun ti àpò awọ tó wé e, tí wọ́n jọ ń jáde lọ.

"Tó bá ń ju awọ nù lójoojúmọ́, ìwọ ọmọ yìí, ṣé kò ní bó tán ni?"

Ó sáré padà sídìí awò, ó wò ó pẹ́. "Háà, Màmá! Àpò náà kàn là sí etí ara ni. Awọ rẹ̀ lẹ̀ padà mọ́ ara, ìdọ̀tí nìkan ló jáde."

Ó tún un yà, olùkọ́ sì gbà á. Èmi ò fẹnu kan oúnjẹ lọ́jọ́ náà.