Iye Tó Wà Lára Ilẹ̀kùn

Ọgọ́ta ọjọ́ ló kù kí ìdánwò JAMB bẹ̀rẹ̀ nígbà tí Hamdalah kọ́kọ́ fi ṣọ́ọ̀kì kọ iye sára ilẹ̀kùn yàrá àwọn òbí rẹ̀ ní Ìdímù. Ogún ló kọ. Kọ́lápọ̀, olùkọ́ tó ń kọ́ wọn ní lẹ́sìn ìrọ̀lẹ́, ló fi ètò náà hàn án. Ó ní kí ó ṣírò gbogbo ojú ìwé tí kò tíì kà nínú ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Hamdalah ṣírò rẹ̀, ó jẹ́ ẹgbẹ̀rún. Kọ́lápọ̀ ní kí ó yọ ọjọ́ mẹ́wàá tó gbẹ̀yìn sọ́tọ̀ fún àtúnkà àti fún ìbéèrè àwọn ọdún àtẹ̀yìnwá. Ó ku àádọ́ta ọjọ́. Ẹgbẹ̀rún sí ọ̀nà àádọ́ta jẹ́ ogún ojú ìwé lójúmọ́.

"Iye yẹn kò dúró síbì kan," ni Kọ́lápọ̀ wí. "Ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan, yọ ohun tí o ti kà kúrò, pín ìyókù sí ọjọ́ tó kù, kí o sì kọ iye tuntun. Bí o bá kà ju ìwọ̀n ojúmọ́ lọ, iye á wálẹ̀. Bí o bá fà sẹ́yìn, á gòkè. Kò sí àwáwí tí ó ń gbọ́."

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni Hamdalah fẹ́ kọ́. Ẹ̀ẹ̀kejì rẹ̀ nìyí nídìí ìdánwò náà. Ilé ẹ̀kọ́ tí ó ń fẹ́ kì í wo ojú ẹni tí máàkì rẹ̀ kò bá tó igba, bàbá rẹ̀ sì ti sọ pé agbára òun kò ní í gbé ẹ̀ẹ̀kẹta.

Ṣàfíù lorúkọ bàbá náà. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, káfíńtà ni, iwájú ilé ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Kò pẹ́ nílé ìwé, ṣùgbọ́n téèpù ìwọ̀n ti kọ́ ọ ní iye. Nígbà tí ọjọ́ mẹ́wàá pé, Hamdalah ti ka òjìlérúgba ojú ìwé, ó pín òjìdínlẹ́gbẹ̀rin tó kù sí ogójì ọjọ́, ó sì kọ mọ́kàndínlógún. Ṣàfíù dúró níwájú ilẹ̀kùn.

"Nọ́ọ̀sì, ogún ni mo rí níjelòó. Báwo ló ṣe di mọ́kàndínlógún? Ṣé ó ti ń rẹ̀ ọ́ ni?"

Hamdalah rẹ́rìn-ín. "Bàbá mi, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn."

"Kó máa dín kù?"

Ganiyat, ìyá rẹ̀, gbé ojú sókè nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. "Bàbá Hamdalah, ẹ fi ọmọ yẹn sílẹ̀ jàre. Pákó lẹ mọ̀."

"Pákó tí mo mọ̀ yìí náà ló ń bọ́ ẹ."

Oníbàárà kan ké sí i láti ìta, ó sì jáde. Kò sí ẹni tó tún la ọ̀rọ̀ náà yé e.

Ní ọjọ́ kẹta sí ìgbà náà, Ganiyat ṣubú sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ló ṣe ọpọlọ rẹ̀ léṣe. Ọjọ́ méje ni wọ́n lò ní ọsibítù. Nígbà tí wọ́n gbé e padà wálé, apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ti kú, ohùn rẹ̀ sì ti lọ. Ojú rẹ̀ nìkan ni kò yí padà. Wọ́n tẹ́ ibùsùn rẹ̀ sí ibi tí ó ti kọjú sí ilẹ̀kùn.

Láàárín ọjọ́ mẹ́wàá yẹn, ọgọ́rùn-ún ojú ìwé péré ni Hamdalah rí kà. Ó ku ọ̀tàlélẹ́gbẹ̀ta sí ọgbọ̀n ọjọ́. Lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́, ó nu iye àná kúrò, ó kọ méjìlélógún.

Ṣàfíù wọlé pẹ̀lú èérún pákó nírun. Ó wo ilẹ̀kùn, ojú rẹ̀ sì tú ká fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí ìyàwó rẹ̀ ti ṣubú.

"Méjìlélógún," ó wí. "Nínú gbogbo wàhálà yìí. Ganiyat, o rí ọmọ rẹ? O rí i pé kò jẹ́ kó já wálẹ̀?"

Hamdalah la ẹnu. Ohun tí ó fẹ́ sọ kò ju gbólóhùn kan lọ. Ṣùgbọ́n láti sọ ọ́, yóò ní láti sọ lójú ìyá rẹ̀ pé àìsàn rẹ̀ ló gbé iye náà sókè. Ó tún wo bàbá rẹ̀. Nínú ilé yẹn, iye náà nìkan ni ohun tí ó dùn mọ́ ọn. Ó pa ẹnu dé.

Charity, ayálégbé tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwọn, ti ń wá jókòó ti Ganiyat láti àárọ̀ di ọ̀sán kí Hamdalah lè ráyè kàwé. Ní ọjọ́ kejì, Ṣàfíù pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyàwó wa, ẹ ṣeun. Ọlọ́run á san án. Ẹ lọ fojú sí iṣẹ́ tiyín náà."

"Bàbá, kò ni mí lára o. Ọmọ yìí ń kàwé."

"Ó ń kà á. Ẹ lọ wo ilẹ̀kùn. Bí iṣẹ́ ṣe ń pọ̀ sí i ló ń kà sí i. Bí àwa Ògbómọ̀ṣọ́ ṣe rí nìyẹn."

Charity rẹ́rìn-ín, ó ní kí Ògbómọ̀ṣọ́ yá òun ní ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wọn. Ó padà sí yàrá rẹ̀. Hamdalah gbọ́ ọ̀rọ̀ náà láti inú ilé, níbi tí ó ti ń yí ìyá rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

Láti ọjọ́ náà, òun nìkan ló ń wẹ ìyá rẹ̀, tó ń fún un lóúnjẹ, tó ń fọ aṣọ, tó sì ń gbé e lọ ṣe ìdárayá ẹsẹ̀ tó kú náà ní ọsibítù lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ní ọjọ́ mẹ́wàá, ó ka ọgọ́ta. Ẹgbẹ̀ta ló kù sí ogún ọjọ́, ó sì kọ ọgbọ̀n. Ṣàfíù pe oníbàárà kan wọlé láti wá wò ó. Ganiyat bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí lórí ìrọ̀rí, ó ń ṣe ohùn kan ṣoṣo tó kù fún un, ó ń nawọ́ òsì sí ilẹ̀kùn.

"Ẹsẹ̀ ló ń dùn ún," ni Ṣàfíù wí. "Hamdalah, bá a fi òróró ra á."

Nígbà tí Hamdalah tẹ̀ síwájú pẹ̀lú ìgò òróró, ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ òsì ti ìgò náà sẹ́yìn, ó sì ti Hamdalah fúnra rẹ̀ sí apá ibi tí àwọn ìwé wà. Hamdalah mọ̀ pé ìyá òun mọ ìtumọ̀ iye náà. Òun ló kọ́ ọ ní ìpín nígbà tó wà ní kékeré, pẹ̀lú bọ́tìnnì àti okùn ìwọ̀n aṣọ. Ó fi òróró ra ẹsẹ̀ náà síbẹ̀.

Ní ọjọ́ mẹ́wàá mìíràn, àádọ́ta péré ló rí kà. Nígbà tí ó ku ogún ọjọ́ sí ìdánwò, mẹ́wàá fún kíkà àti mẹ́wàá fún àtúnkà, Kọ́lápọ̀ wá kí aláìsàn, nítorí ó ti pẹ́ tí ó rí Hamdalah ní lẹ́sìn. Ṣàfíù gbé àga fún un.

"Tíṣà, ẹ ṣeun o. Ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ yín lára ilẹ̀kùn."

Márùndínlọ́gọ́ta ló wà níbẹ̀. Kọ́lápọ̀ wò ó pẹ́. Ó wo Hamdalah, Hamdalah tẹ orí ba.

"Bàbá," ó wí, "bí wọ́n bá ní kí ẹ rẹ́ ọgọ́ta pákó láàárín ọjọ́ mẹ́fà, mélòó ni lójúmọ́?"

"Mẹ́wàá."

"Tí ẹ kò bá fọwọ́ kan ayùn fún ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ ńkọ́?"

"Á di ogún lójúmọ́ nínú ìyókù." Ṣàfíù yíjú sí ilẹ̀kùn. Nígbà tó yá, ó jókòó sí etí ibùsùn ìyàwó rẹ̀. "Èmi ni mo ní kí Charity máa lọ," ó wí.

Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀.

"Hamdalah, kí ló dé tí o kò sọ fún mi?"

Ojú Hamdalah wà lára ìyá rẹ̀. Ṣàfíù fojú tẹ̀lé ibi tí ó ń wò, kò sì béèrè mọ́.

Kọ́lápọ̀ mú bírò. Ó ní bí iye bá ti ju agbára ènìyàn lọ, ìwé ni à ń gé, kì í ṣe oorun. Ṣàfíù béèrè bóyá kò ṣeé ṣe láti mú nínú ọjọ́ mẹ́wàá ìkẹyìn.

"Irúgbìn nìyẹn, Bàbá. A kì í jẹ ẹ́. Ohun tí a kò bá tún kà kì í dúró." Ó yíjú sí Hamdalah. "Mélòó lo lè kà lójúmọ́, tí wọ́n bá fi ọ́ sílẹ̀ pátápátá?"

"Ọgbọ̀n."

Ọgbọ̀n fún ọjọ́ mẹ́wàá jẹ́ ọ̀ọ́dúnrún. Nínú àádọ́ta lé lẹ́ẹ̀dẹ́gbẹ̀ta tó kù, wọ́n ní láti gé àádọ́ta lé nígba. Kọ́lápọ̀ ṣí ìbéèrè ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, ó ń fa igi lé àwọn orí ẹ̀kọ́ tí kì í sábà jáde. Nígbà tí ó kù díẹ̀, ó fi ìwé náà lé Hamdalah lọ́wọ́ kí ó yan ìyókù. Hamdalah fa igi lé orí tó sọ nípa ọpọlọ àti iṣan nínú ìwé Báyọ́lọ́jì.

"Ìyẹn máa ń jáde," ni Kọ́lápọ̀ wí.

"Mo mọ̀, sà."

Ó ti ṣí orí náà lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn yẹn. Kò kọjá àwòrán àkọ́kọ́ rí.

Ṣàfíù gbé iṣẹ́ rẹ̀ wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ń fi yanrìn pákó, bébà tí wọ́n fi ń dán igi, fá ẹsẹ̀ àga pẹ̀lú ojú kan lára ìyàwó rẹ̀, Charity sì padà wá ní àárọ̀. Hamdalah ka ọgbọ̀n lójúmọ́, kò yẹ ọjọ́ kan, iye kò sì kúrò lórí ọgbọ̀n títí ọjọ́ mẹ́wàá náà fi pé. Ó lo ọjọ́ mẹ́wàá ìkẹyìn bí wọ́n ṣe là á sílẹ̀.

Ibùdó ìdánwò kan ní Egan ni wọ́n pín in sí. Ìbéèrè mẹ́rin jáde láti inú orí tí ó gé. Ọ̀kan béèrè apá ọpọlọ tí ń jẹ́ kí ènìyàn lè dúró láìṣubú. Ó wo ìdáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lójú kọ̀ǹpútà, aago sì ń dín kù lókè. Ó tẹ ọ̀kan. Kò mọ èyí tí ó tẹ̀.

Máàkì rẹ̀ dé sórí fóònù lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ní ọ̀sán. Mọ́kànléláàádọ́wàá. Máàkì mẹ́sàn-án ló fi dín sí igba. Ìbéèrè Báyọ́lọ́jì kan jẹ́ máàkì méjì ààbọ̀. Mẹ́rin jẹ́ mẹ́wàá. Ó ṣe ìṣirò náà lẹ́ẹ̀kan, kò tún un ṣe mọ́.

Ó sọ iye náà fún bàbá rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ṣàfíù gbé yanrìn pákó sílẹ̀.

"Èmi ni," ó wí. "Ojú mi ló fọ́."

"Kì í ṣe ẹ̀yin nìkan, Bàbá mi."

"Lọ́dún tó ń bọ̀..." Ó tún mú ẹsẹ̀ àga náà, ó ń fọwọ́ pa á láìfá a.

Hamdalah wọlé pẹ̀lú ẹ̀kọ gbígbóná tí àkókò rẹ̀ ti tó. Ìyá rẹ̀ gbé ọwọ́ òsì, ó na ìka márààrún, ó sì yí ọwọ́ náà bí ẹni tó ń béèrè iye. Ó ti gbọ́ ohùn wọn. Hamdalah kò lè purọ́ iye fún un.

"Mọ́kànléláàádọ́wàá, Màmá."

Ganiyat wò ó, ó sì wo apá ọ̀tún ara rẹ̀ tó ti kú. Lẹ́yìn náà ó yí orí, díẹ̀díẹ̀, nítorí ọrùn rẹ̀ kò tíì lágbára, títí ó fi kọjú sí ògiri. Hamdalah bu ẹ̀kọ sínú ṣíbí, ó gbé e dé ẹnu rẹ̀, ó pè é. Kò la ẹnu. Hamdalah di ṣíbí náà mú níbẹ̀ títí ẹ̀kọ fi tutù.