Ilẹ̀kùn Tí Ojú Àṣá Fọwọ́ Sí

Bí ẹ bá ń wá ẹni tó mọ ẹnu ọ̀nà ilé onílé, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú, ẹ lọ bá Ojú Àṣá. Iṣẹ́ ẹ̀ nìyẹn. Inú ọ́fíìsì kan ló ń jókòó sí, níbi tí wọ́n ti ń ṣe máàpù fún àwọn dírẹ́bà, àti èyí tó ń gbé ẹrù, àti èyí tó ń gbé aláìsàn. Tiẹ̀ ni pé kó sọ ibi tí ilẹ̀kùn ilé kọ̀ọ̀kan wà gan-an, kí mọ́tò má baà lọ dúró sídìí ògiri. Á kọ́kọ́ wo ilé náà látòkè, nínú àwòrán tí sátẹ́láìtì yà. Á wo ibi tí ọ̀nà ẹsẹ̀ ti yà kúrò lára títì, àti ibi tí ìbòrí kékeré ti yọ jáde lára ilé. Lẹ́yìn náà, á sọ̀ kalẹ̀ sínú fọ́tò ojú títì, èyí tí mọ́tò oníkámẹ́rà ń yà bó ṣe ń kọjá lọ, á wá wo ilẹ̀kùn náà lójúkojú. Bí tòkè àti tilẹ̀ bá ti fẹnu kò, á gbé àmì sí ẹnu ọ̀nà, á sì fọwọ́ sí i. Àmì tí Ojú Àṣá bá ti fọwọ́ sí, ó di òfin nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ yí i padà, àfi kó mú fọ́tò wá.

Ọkùnrin náà mọṣẹ́, ẹ jẹ́ ká má purọ́ mọ́ ọn. Ó mọ̀ pé ilé gíga máa ń fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nínú àwòrán sátẹ́láìtì, nítorí náà èèyàn ò gbọdọ̀ gbé àmì sí etí òrùlé, ìdí ògiri ló yẹ kó wá lọ. Ó mọ òjìji yàtọ̀ sí àtẹ̀gùn. Ibi tí kò mọ̀ láyé yìí kò pọ̀. Ilé ìyá ẹ̀ sì wà lára wọn.

Láti ìgbà tí Màmá ti kó lọ sí ilé alájà mẹ́rin kan ní òdìkejì ìlú, ọmọ ò tíì débẹ̀ rí. Ìpè ń lọ, ẹrù ń lọ, ẹsẹ̀ nìkan ni kò lọ. "Mò ń bọ̀ lópin ọ̀sẹ̀, Màmá." Ọ̀sẹ̀ wo? Ọ̀sẹ̀ ń parí, òun ń bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ pé kò ṣe nǹkan kan o! Ọjọ́ tó gbọ́ àdírẹ́sì náà ló ti wá ilé ọ̀hún rí lórí máàpù, tó gbé àmì sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀, tó fọwọ́ sí i. Nígbà tó délé, ó sọ fún ìyàwó ẹ̀ pé, "Mo ti rí ilé Màmá. Ibẹ̀ dára."

Ìyàwó ẹ̀ wò ó títí. "O ti rí i," ló ní, ó sì ń bá oúnjẹ tó ń sè lọ.

Ọ̀sán ọjọ́ kan báyìí ni fóònù ké, Màmá ló ń pè.

"Bàbá mi, mọ́tò ọsibítù tún já mi sílẹ̀ lónìí o."

Ojú ló ń dun Màmá. Oṣooṣù ni wọ́n ń gún un lábẹ́rẹ́ sójú ní ọsibítù, dókítà sì ti là á mọ́lẹ̀ pé bí abẹ́rẹ́ náà bá fi lè dáwọ́ dúró, ìwọ̀nba ìríran tó kù á lọ, kò sì ní padà. Mọ́tò ọsibítù ló máa ń wá gbé àwọn àgbàlagbà. Ẹni tí mọ́tò bá wá tí kò bá lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n á fi ẹlòmíràn rọ́pò ẹ̀, torí àwọn tó ń dúró pọ̀ bí eèrà. Ti òní yìí ni ẹ̀ẹ̀kejì. Wọ́n ní àwọn á tún gbìyànjú lọ́la, ó tán.

"Màmá, kí ló dé tẹ́ ò jáde sẹ́nu ọ̀nà?"

"Ẹnu ọ̀nà ni mo jókòó sí látàárọ̀."

"Àbí dírẹ́bà ní òun ò bá yín ni?"

"Ó pè mí. Ó ní òun wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní èmi náà wà lẹ́nu ọ̀nà. A jọ wà lẹ́nu ọ̀nà, a ò ríra wa."

Ojú Àṣá ti ṣí ilé náà sójú kọ̀ǹpútà. "Màmá, mò ń wò ó báyìí. Ilẹ̀kùn gíláàsì aláwẹ́ méjì ni, àtẹ̀gùn wà níwájú ẹ̀, títì ńlá ló dojú kọ."

"Wọ́n ti mọ ìyẹn pa."

"Kí ni wọ́n mọ pa?"

"Ilẹ̀kùn tó ò ń sọ. Wọ́n ti fi búlọ́ọ̀kù dí i kí n tó kó débí. Ẹ̀yìn la ń gbà wọlé, lójú ọ̀nà tóóró."

"Màmá, ó wà níwájú mi níbí yìí!"

"Èmi ni mò ń gbé ibẹ̀, ọmọ mi."

Ẹ ò rí nǹkan! Ọmọ tí kò fẹsẹ̀ tẹ ilé rí ń bá onílé jiyàn lórí ibi tí ilẹ̀kùn wà. Kò sì mọ̀wọ̀n ara ẹ̀. "Ẹ ní kí aládùúgbò yín bá yín wò ó dáadáa," ló ní, "bóyá ojú yín ló ń…"

Ó gbé e mì, ṣùgbọ́n ẹyin lohùn, ó ti fọ́.

"Òótọ́ ni, ojú mi ò ríran dáadáa mọ́," ni Màmá wí. "Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi mọ ibi tó ń gbà jáde. Aládùúgbò mi náà ti kọ̀wé sí àwọn oní-máàpù yín lórí fóònù ẹ̀. Wọ́n ní irọ́ ni."

Nígbà tí ìpè parí, Ojú Àṣá wá ọ̀rọ̀ aládùúgbò náà lọ, ó sì rí i. "Ẹ jọ̀ọ́, ilẹ̀kùn iwájú ti di ògiri, ẹ̀yìn la ń gbà." Kò fi fọ́tò kankan sí i. Èsì wà lábẹ́ ẹ̀: "A ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹnu ọ̀nà wà níbi tó wà." Ta ló fèsì? Òun alára ni. Kò tilẹ̀ rántí, nítorí bó ṣe máa ń dá gbogbo wọn lóhùn nìyẹn.

Ìtìjú mú un, ṣùgbọ́n ìtìjú ò gbé aláìsàn lọ sí ọsibítù. Ó tún fọ́tò náà wò, ó wá wo ọjọ́ tí wọ́n yà á, nǹkan tó máa ń tìtorí ẹ̀ na àwọn ọmọ iṣẹ́ lẹ́gba ọ̀rọ̀ bí wọ́n bá gbàgbé. Yéè! Fọ́tò náà ti pẹ́ ju ìgbà tí Màmá kó débẹ̀ lọ fíìfíì. Ó ṣí àwòrán sátẹ́láìtì tó tuntun jù lọ. Níwájú ilé, níbi tí àtẹ̀gùn wà tẹ́lẹ̀, ewéko ló wà gbọọrọ, kò sí ọ̀nà ẹsẹ̀ kankan. Lẹ́yìn ilé, ọ̀nà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan yà kúrò lójú ọ̀nà tóóró, ó kàn mọ́ ìbòrí kékeré kan.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fọwọ́ sí àmì kò lè dá a tú. Òfin tó gbé kalẹ̀ fúnra ẹ̀ nìyẹn, ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ bá a fọwọ́ sí i. Ó pe obìnrin tó ń bá a ṣiṣẹ́, tó jókòó sí tábìlì kejì.

"Ìbòrí nìkan ò tó, ọ̀gá," ni obìnrin náà wí. "Ilé tí wọ́n ń kó ìdọ̀tí sí náà máa ń ní ìbòrí. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa bẹ́ẹ̀."

"Mo mọ̀."

Wọ́n jọ sọ̀ kalẹ̀ sí ojú ọ̀nà tóóró náà. Orí bá wọn ṣe é, mọ́tò oníkámẹ́rà ti gba ibẹ̀ kọjá láìpẹ́. Wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ síwájú ní fọ́tò kọ̀ọ̀kan. Ògiri ni, garawa ìdọ̀tí, ògiri mìíràn, lẹ́yìn náà ni ilẹ̀kùn irin aláwọ̀ ewé yọ, tòun ti aago tí àwọn àlejò ń tẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ìbòrí tí wọ́n rí látòkè sì wà lórí ẹ̀. Ìyá àgbà kan jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn náà. Ẹ̀rọ ti pa ojú ẹ̀ rẹ́, bó ṣe máa ń pa ojú gbogbo èèyàn rẹ́ nínú irú fọ́tò bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ méjèèjì ló fi di báàgì kan mú lórí itan, bí ẹni pé wọ́n fẹ́ já a gbà.

Ojú Àṣá mọ báàgì náà. Òun ló fi í ránṣẹ́.

"Ẹ̀rí ti pé, ọ̀gá," ni obìnrin náà wí. "Tòkè àti tilẹ̀ ti bára mu, fọ́tò sì tuntun. Ẹ tiẹ̀ wo ìyá yìí, ó jọ pé ó ń retí ẹnì kan."

Ojú Àṣá kàn mi orí.

Wọ́n gbé àmì lọ sẹ́yìn ilé, wọ́n fọwọ́ sí i. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀, àbí? Ìparí ọ̀sẹ̀ ni máàpù tuntun ń dé orí fóònù àwọn dírẹ́bà. Ọ̀la ni mọ́tò ń bọ̀. Ó sáré pe ọsibítù.

"Ẹ sọ fún dírẹ́bà kó gba ẹ̀yìn. Ilẹ̀kùn iwájú ti di ògiri."

"Ẹ má bínú sà," ni akọ̀wé tó gbé fóònù wí, "ohun tí máàpù bá sọ ni dírẹ́bà wa ń tẹ̀ lé. Wọ́n sì ti fọwọ́ sí èyí. Ẹni tó fọwọ́ sí i, ó dájú pé ó mọ ohun tó ń ṣe."

"Kò mọ̀ ọ́n!"

"Ó dàárọ̀ o, sà."

Ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ojú Àṣá wọ takisí. Máàpù ni oní-takisí náà ń tẹ̀ lé, ibi tí máàpù sì ní kó já a sí ló já a sí, níwájú ògiri tí wọ́n kùn lọ́dà, tí òdòdó tò sídìí ẹ̀. Ó wo ibẹ̀ látòkè délẹ̀. Ó fẹ́ sáré lọ bá Màmá lẹ́yìn ilé, ṣùgbọ́n bó bá kúrò tí mọ́tò dé ńkọ́? Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá àwọn tó ń gbé àmì sórí máàpù ṣe dúró sínú oòrùn, òun fúnra ẹ̀ di àmì.

Mọ́tò ọsibítù yọ. Ojú Àṣá bẹ̀rẹ̀ sí í ju ọwọ́ méjèèjì.

"Ẹ kúrò lọ́nà, bàbá," ni dírẹ́bà wí. "Ibí ni máàpù ní kí n dúró sí."

"Kò sí ilẹ̀kùn níbí."

"Ó wà. Wọ́n fọwọ́ sí i."

"Ẹ wo iwájú yín!"

Dírẹ́bà wo ògiri, ó wo fóònù, ó tún wo ògiri. "Ta ni òpònú tó fọwọ́ sí èyí?"

"Ẹ jẹ́ ká gba ẹ̀yìn," ni Ojú Àṣá wí, ó sì wọ mọ́tò tì í.

Màmá wà níbẹ̀ lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé, ó di báàgì ẹ̀ mú. Nígbà tó gbọ́ ìró mọ́tò, ó dìde. Ojú Àṣá sọ̀ kalẹ̀, ó lọ dúró níwájú ẹ̀.

"Dírẹ́bà, ẹ kú iṣẹ́ o," ni Màmá wí. "Ọlọ́run á bá mi san án fún yín. Ẹ ti wá mi tì."

"Màmá, èmi ni."

"Ìwọ ta ni?"

Màmá gbé ojú sókè, ó ń wá ojú ọmọ kiri, kò rí i. Ọmọ wá rántí fọ́tò àná. Bí wọ́n ṣe pa ojú Màmá rẹ́ nínú fọ́tò yẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni ojú tòun rí lójú Màmá. Omi lé ròrò sí i lójú.

"Èmi ọmọ yín ni, Màmá."

Màmá nawọ́, ó fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀. "Hàà, bàbá mi! O wá!" Ó rẹ́rìn-ín. "Ṣé o tètè rí ẹnu ọ̀nà?"

"Rárá, Màmá," ló wí. "Mi ò tètè rí i." Ó gba báàgì lọ́wọ́ ẹ̀, ó sì di Màmá lọ́wọ́ mú títí ó fi wọ mọ́tò.