Ọsàn Wẹ́wẹ́ Ẹ̀yìn Táńkì

Ọjọ́ kẹwàá nìyí. Àbí ìkẹsàn-án? Jẹ́ n tún un kà… Jímọ̀ tó ṣáájú èyí tó kọjá ló pè gbẹ̀yìn. “Màámi, wọ́n ń kó wa wọnú igbó lọ lọ́la. Ẹ má fòyà tẹ́ ò bá gbọ́ mi.” Má fòyà! Mémúnátù, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí, ọlọ́pàá tí wọ́n kó lọ sí ìhà Màídúgùrì láti inú oṣù Kejìlá. Fóònù rẹ̀ ò wọlé mọ́. Èmi ìyá rẹ̀ sì dúró sẹ́yìn táńkì omi ní Port Harcourt, mo rọra sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú orúnkún burúkú yìí, nítorí wọ́n ní nẹ́tíwọ̀kì ẹ̀yìnkùlé dáa ju ti inú ilé lọ. Obìnrin inú fóònù ń sọ gẹ̀ẹ́sì kan náà fún mi lẹ́ẹ̀kẹrin. Kò sí níbẹ̀. Kò sí níbẹ̀…

Kí lèyí?

Ọsàn wẹ́wẹ́ Mémúnátù kọ́ nìyí? Ewé rẹ̀ ti ká jọ bí ẹni pé òtútù ń mú un. Èso kéékèèké tó wà lórí rẹ̀ ti hunjọ. Ọdún tí Sotonye ọkọ rẹ̀ bá ọkọ̀ ojú omi lọ ni Mémúnátù gbin kóró rẹ̀ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà yìí, Belema ọmọ wọn kò ju ọmọ ọdún méjì lọ. Ọdún mẹ́sàn-án. Belema ló sì fà á lé lọ́wọ́ nígbà tó ń lọ. Láàárọ̀ láàárọ̀ ni mò ń rí ọmọ náà tó ń gbé jọ́ọ̀gì omi kọjá lójú fèrèsé mi. Omi yẹn dà?

“Belema!”

Ó dé. Kò wo igi náà. Kò wò mí.

“Gránmà, e don die.”

Ó yá a lẹ́nu jù. “Ta ló sọ fún ẹ? O ti yẹ̀ ẹ́ wò ni?” Kí ló ń gbọ̀n lóhùn mi? Ọsàn lásán ni mò ń sọ o. Ọsàn ni.

Mo fi èékánná ha èèpo ṣóńṣó ẹ̀ka kan fún un. Ó pọ́n, ó gbẹ bí ìṣáná. Mo tẹ̀ ẹ́, ó dá pọ́kí. Mo sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ lára igi, mo tún ha. Ó ṣì gbẹ. Ó yẹ kí n ti dákẹ́, kí n ní ká lọ jẹun… Mo ha ìsàlẹ̀ níbi tí igi ti nípọn. Àwọ̀ ewé! Ó tutù lábẹ́ èékánná mi. “Fọwọ́ kàn án,” mo ní. Ó fọwọ́ kàn án, ó tètè fà á padà bí ẹni tí iná jó.

Ṣé mo mọ ohun tí mò ń ṣe? Bó bá kú mọ́ ọmọ yìí lọ́wọ́ lẹ́yìn tí mo ti ní kò kú ńkọ́? Lọ́sẹ̀ yìí tí… Àsìtàgìfúrúlá. Ẹnu mi ò ní pè é. Bàbá mi lo gbogbo ayé rẹ̀ nídìí iṣẹ́ àgírìkì n'Ìbàdàn, ọwọ́ rẹ̀ ni mo ti rí i tí irúgbìn ọsàn tó rọ ń jí. Kì í ṣe gbogbo wọn ló jí. Ìyẹn náà, mo rántí ẹ̀.

“Make we pour am plenty water,” Belema ní. Mo jẹ́ kó dà á, kó lè fojú rí i. Omi gba etí bọ́kẹ́ẹ̀tì ṣàn wálẹ̀, ó gba ihò ìdí rẹ̀ jáde wàrà. Mo ní kó ti ìka bọ àárín erùpẹ̀ inú rẹ̀. Eruku! Erùpẹ̀ tó bá gbẹ jù kì í gba omi mọ́, ó ti súnkì kúrò lára ike, ẹ̀gbẹ́ nìkan lomi ń gbà kọjá. Ìsàlẹ̀ la ó ti fún un mu.

A jọ wọ́ ọ kúrò lóòrùn. Kò tiẹ̀ ṣe é pè ní wíwọ́, ó ti fúyẹ́. Ó gbé báfù ìfọṣọ wá, a gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sínú rẹ̀, a bu omi yí i ká títí ó fi dé ìdajì. Fòó… fòó… Afẹ́fẹ́ ń hó jáde láti inú erùpẹ̀. Belema bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, ẹnu là sílẹ̀. Èmi ń wo fóònù. Ó ń wo omi, mò ń wo fóònù. Ó ju wákàtí kan lọ kí òkè erùpẹ̀ tó dúdú, kí híhó náà tó dá. Mo ní ká gbé e jáde, kó ro. Ó ní kí ló dé tí a ò fi í sílẹ̀ di ọ̀la. “Gbòǹgbò náà ń mí. Bó bá sùn sómi, á jẹrà.” Bọ́kẹ́ẹ̀tì ti wúwo. Mo ní kó gbé e wò, kó fi ìwúwo yìí sọ́kàn, nítorí òun ni yóò máa sọ fún un ìgbà tí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́.

Ó fi ọ̀bẹ tí mo ti fi iná jó lẹ́nu gé gbogbo ibi tó ti kú, ó dúró lókè ibi tí àwọ̀ ewé ti bẹ̀rẹ̀. Mo ní kó já àwọn èso náà dànù. Ó kọ̀. “Mọ́mì ń kà wọ́n.” Mo ní omi tí igi náà ní ò tó òun àti ọmọ. Ó já wọn. Mẹ́fà. Ó kó wọn sápò, kò jù wọ́n nù. Lẹ́yìn náà ló fi àkísà tútù nu eérú èéfín dúdú tó ń bọ́ sílẹ̀ nílùú yìí kúrò lójú ewé àti lẹ́yìn ewé. Àkísà náà dà bí èyí tí wọ́n fi nu ìdí ìkòkò.

Ibiere tó ń gbé lókè wa yọjú láti ojú fèrèsé: “Mama, put fertilizer! E dey Oil Mill market.” Ó ṣeun. Ẹni tí òùngbẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa, ta ní í fi iyọ̀ sí i lẹ́nu? Ká tó débi ajílẹ̀, ó dìgbà tó bá rúwé tuntun.

“Gránmà, mọ́mì ti pè?”

“Nẹ́tíwọ̀kì ni.”

Nẹ́tíwọ̀kì ni. Ó mi orí. Ó gbà á… Ṣe ni mo ń dúpẹ́ pé ó gbà á.

Ọjọ́ karùn-ún tí a rì í sómi nìyí, igbe rẹ̀ ló jí mi nínú oorun ọ̀sán. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí àtẹ̀gùn. Mo ti rò pé fóònù ni. Mo ti rò pé ẹnìkan wá sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú aṣọ ọlọ́pàá… Ewé ni. Ewé kún ilẹ̀. Wọ́n ń já bọ́ níkọ̀ọ̀kan, Belema ń gbá wọn mọ́ra, ó fẹ́ dá wọn padà síbi tí wọ́n ti já.

“Èmi ni mo pa á! Gránmà, na me kill am!”

Mo fara ti táńkì. Dákẹ́, wò ó. Wo ẹ̀ka tó gbẹ tí o gbàgbé láti gé yẹn. Ewé rẹ̀ kú, ó rọ̀ mọ́ ọn, kò já, nítorí ẹ̀ka òkú ò lágbára àtijá ewé. Èyí tó ń já ewé bọ́ ni ẹ̀mí ṣì ń bẹ nínú rẹ̀. Bí ọsàn ṣe ń ṣe nìyẹn: bó bá gbẹ, á di ewé mú, omi á dé tán kó tó tú wọn sílẹ̀. Mo ń sọ ọ́, mo sì ń gbọ́ ẹkún rẹ̀ tó ń jìn sí i. Kì í ṣe ẹkún ewé mọ́. Èwo wá ni “mo pa á” yìí?

“Inú gọ́tà ni mò ń da omi yẹn sí. Mọ́mì ní kó tó rọ, òun á ti dé. Mo ní kó rọ kíákíá…”

Háà.

Kò bínú. Kò gbàgbé. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko ló ń gbé omi kọjá níwájú mi, tó ń dà á sí gọ́tà, kí ìyá rẹ̀ lè bọ̀. Èmi ń jókòó lójú fèrèsé, mo ń yìn ín! Ta ni mò ń wò látìgbà yẹn? Fóònù. Fóònù ni mò ń wò. Mo fà á mọ́ra. Eegun ni. Ìgbà wo lọmọ yìí rù tó báyìí?

Ọ̀sẹ̀ méjì àbọ̀. Kò bomi rin ín lójoojúmọ́. Á ti ìka bọ erùpẹ̀ dé oríkèé kejì, á gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì wò, á ní, “E never reach.” Ó kó ewé gbígbẹ bo erùpẹ̀ rẹ̀ kí ọyẹ́ má fa omi rẹ̀. Oòrùn àárọ̀ nìkan ló ń jẹ́ kó yá. Igi ìhòòhò, ẹ̀gún àti ewé mọ́kànlá ló kù. Èmi… èmi ò sùn. Ọ́fíìsì ọlọ́pàá wọn ní kí n ṣe sùúrù, kò sẹ́ni tó mú ìròyìn burúkú wá. Ìròyìn rere náà dà? Mo ń dìde láàárọ̀ kùtù, mo ń sọ̀ kalẹ̀ wá pe fóònù Mémúnátù, kí ọmọ má baà gbọ́.

Láàárọ̀ yìí, ó ti ṣáájú mi débẹ̀. Ó nawọ́ sí igi náà. Níbi tí ewé kan ti já, lẹ́bàá ẹ̀gún, nǹkan kan yọ bí ẹyọ ọkà bàbà. Ó láwọ̀ ewé. Òmíràn lókè rẹ̀. Mo fẹ́ kígbe Àlìámúdù… ṣùgbọ́n Belema ò fò, kò rẹ́rìn-ín. Ojú mi ló ń wò.

“Ẹ ti pè é lónìí?”

“Nẹ́tíwọ̀kì…”

“Gránmà, I don know. Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ yẹn. Yàrá mi ló kọjú sí táńkì. Mò ń gbọ́ obìnrin fóònù yẹn. Mo ń sọ pé mo gbà, kẹ́ ẹ lè jẹun.”

Kí n lè jẹun.

Ìdí nìyẹn… tíì tó ń gbé wá láìbéèrè. Orí tó ń mì. Gbogbo ìgbà tí mo fi irọ́ bò ó lára bí aṣọ, ọmọ ọdún mọ́kànlá ń di etí aṣọ náà mú lódìkejì, kó lè bo èmi náà. Mo ní mò ń tọ́jú rẹ̀. Àwa méjèèjì ń dá wà nínú ilé kan ṣoṣo, oníkálùkù ń pa ẹ̀rù mọ́ra nítorí ẹnìkejì…

Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn.

“Belema, mi ò mọ ibi tí ìyá ẹ wà. Ẹ̀rù ń bà mí.”

Mo sọ ọ́. Ó ti jáde lẹ́nu mi. Mo ń retí pé kó ké. Ó kàn jókòó tì mí, ó gbé orí lé apá mi, orí rẹ̀ wúwo ju bí mo ṣe rò lọ.

“Èmi náà,” ó ní.